Mo tẹ D kí n lè kúrò níbẹ̀, ojú ìwé bá mi mú ìdáhùn D

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Èmi kì í ríran, NVDA, ẹ̀rọ akàwé tó ń fi ohùn ka ojú kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò lórí láptọ́ọ̀pù mi, Chrome ni mo sì fi ń wo ayélujára. Ibi tí mo ti ń gba lẹ́sìnnì ní Mọ́kọ́lá ní ìkànnì kan tí a fi ń gbáradì fún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ṣe é kó jọ ti JAMB, lẹ́tà mẹ́jọ péré lèèyàn nílò: A, B, C, D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún èyí tó ṣáájú, S láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, R bí èèyàn bá yí ọkàn padà. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ríran ò tiẹ̀ fọwọ́ kan máòsì, ìka kan ni wọ́n fi ń sáré lórí ẹ̀.

Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ojú ìwé bá ṣí, tí mo tẹ B, NVDA á gbé mi lọ sórí bọ́tìnnì kan. Mo tẹ A tàbí C, á ní irú ohun tí mò ń wá ò sí níwájú. Ìdáhùn kankan ò wọlé. Mo bá ní kí n máa fi Tab rìn dé ibi ìdáhùn. Mo dé orí ìdáhùn àkọ́kọ́, mo fẹ́ lọ gbọ́ iye ìṣẹ́jú tó kù, èyí tó wà ní apá ìsàlẹ̀. D ni mo máa ń tẹ̀ láti fi fò láti apá kan ojú ìwé sí apá kejì, mo bá tẹ̀ ẹ́. NVDA ò sọ nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀, kẹ́kẹ́ pa. Ìgbà tí èsì jáde ni mo tó mọ̀ pé nínú ìbéèrè ogún, D ni wọ́n kọ fún mi nínú mẹ́sàn-án. Bóyá méjì ni èmi fúnra mi mú.

Lẹ́tà kan náà ni o. Ní ìṣẹ́jú yìí NVDA ló ń gbà á, ní ìṣẹ́jú kejì ojú ìwé ló ń gbà á. Ta ló ń ṣe mí?

Ìyá Ìbejì

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo tẹ lẹ́tà kan, òmíràn ló ń jáde, ìgbà míì kò ní jáde rárá. Tíì ló dà sórí kíbọọ̀dù. Gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kúìn Sínímà, kí wọ́n pààrọ̀ kíbọọ̀dù fún ọ, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gba owó gọbọi lọ́wọ́ ẹ o.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé mà. Kíbọọ̀dù mi ò ní wàhálà, mo kọ lẹ́tà gígùn lórí ẹ̀ láàárọ̀ yìí, gbogbo lẹ́tà ló pé. Ojú ìwé yẹn nìkan ni.

Jọ́ọ̀sì-lèmi

Àbúrò, ọ̀rọ̀ kékeré lèyí. Tẹ Escape kí o tó tẹ lẹ́tà kankan. Bí o bá ti tẹ Escape, gbogbo nǹkan á padà sípò. JAWS, ẹ̀rọ akàwé míì, ni èmi ń lò láti ìgbà tí mo wà ní yunifásítì, Escape ò já mi kulẹ̀ rí. Kí ló tiẹ̀ dé tí o ń fi D fò kiri? R ló ń gbé èèyàn láti apá kan ojú ìwé sí apá kejì, A ló sì ń wá bọ́tìnnì rédíò.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ná. Lórí JAWS ni A àti R ti ń ṣe ohun tí ẹ sọ yẹn. Ọmọ yìí ń lo NVDA. Lórí NVDA, D ni ti apá ojú ìwé, R ni ti bọ́tìnnì rédíò. Tí a bá fi ti JAWS kọ́ ọ, a óò tún dá kún ìṣòro ẹ̀ ni.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí o bá tẹ lẹ́tà, kò lọ tààrà sí ojú ìwé. NVDA jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yẹ lẹ́tà wò kí Chrome tó rí i. Bí NVDA bá ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi lẹ́tà náà ṣe, ó gbà á, ó parí síbẹ̀. Ojú ìwé ò mọ̀ pé o tẹ nǹkan kan rí. Ìdí nìyẹn tí B fi gbé ọ lọ sórí bọ́tìnnì tí ìdáhùn B ò sì wọlé. A ń wá ọ̀rọ̀ ìwòye tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, C ń wá àpótí tí a ti ń mú ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, irú ẹ̀ ò sì sí lójú ìwé yẹn, ló ṣe ní kò sí.

Ìyẹn nígbà tí NVDA bá wà ní ipò ìkàwé, èyí tí ó máa ń pè ní `browse mode`. Ṣùgbọ́n ó ní ipò kejì, `focus mode`, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ipò ìkọ̀wé. Tó bá wà níbẹ̀, ó ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́tà ń kọjá lọ bá ojú ìwé. Ó gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ báwo lo ṣe fẹ́ kọ orúkọ ẹ sínú fọ́ọ̀mù? Ibi tó ti gbá ọ mú ni pé NVDA máa ń bọ́ sí ipò ìkọ̀wé fúnra ẹ̀. Tí o bá fi Tab dé inú àpótí ìkọ̀wé, ó bọ́ síbẹ̀. Tí o bá fi Tab dé orí bọ́tìnnì rédíò, ó tún bọ́ síbẹ̀, nítorí ó rò pé o fẹ́ fi àwọn ọfà yan ọ̀kan. Rédíò sì ni àwọn ìdáhùn rẹ. Tí o bá wá tẹ D níbẹ̀, NVDA ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ojú ìwé gbà á, ó mú ìdáhùn D.

Tí o bá fi R dé orí rédíò kan náà dípò Tab, NVDA ò ní pààrọ̀ ipò. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé lẹ́tà ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Áà! Mo máa ń gbọ́ "táì" kékeré kan bí mo bá fi Tab dé ibẹ̀. Mo rò pé ìkànnì ló ń dún.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

NVDA ni. Ohùn yẹn ló fi ń sọ fún ọ pé òun ti pààrọ̀ ipò. Tí ohùn bá ń sá fún ọ, tẹ NVDA+Ctrl+B, á ṣí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ipò ìkàwé. Wá àpótí tó sọ̀rọ̀ nípa fífi ohùn ṣe àmì ipò méjèèjì, yọ àmì inú ẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹnu ni á máa fi sọ ọ́, á ní `Focus mode` tàbí `Browse mode`. Ó lè sú èèyàn, ṣùgbọ́n lórí irú ìkànnì yìí ó dára.

Ti Escape tí Jọ́ọ̀sì-lèmi sọ, ìdajì òótọ́ ni. Bí NVDA bá fúnra ẹ̀ bọ́ sí ipò ìkọ̀wé, Escape á dá a padà. Bó bá jẹ́ pé ìwọ lo fi NVDA+Space gbé e síbẹ̀, Escape ò lè dá a padà, àfi kí o tún tẹ NVDA+Space. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Escape á kàn gbà ọ́ lọ́wọ́ D tí o kò fẹ́ ni. Kò ní jẹ́ kí D tí o fẹ́ wọlé.

Jọ́ọ̀sì-lèmi

Ó dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n Insert+Z wà lọ́wọ́ àwa oní-JAWS. A tẹ̀ ẹ́, ìkàwé kúrò lọ́nà, a ṣe ohun tí a fẹ́, a tún un tẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀ wá ní nǹkan méjìlá.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ẹ̀rín pa mí. NVDA+Space ni ẹ̀gbọ́n Insert+Z yín.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, kí o tó tún nǹkan ṣe, jẹ́ kí ọkàn ẹ balẹ̀ pé ohun tí mo sọ ló ń ṣẹlẹ̀. Ṣí ìbéèrè kan, wà ní ipò ìkàwé, má fi Tab lọ síbikíbi. Tẹ NVDA+F2, kí o wá tẹ D. NVDA+F2 túmọ̀ sí "èyí tí mo fẹ́ tẹ̀ yìí, má dá a dúró". Bí ìdáhùn D bá wọlé, a jẹ́ pé NVDA ló ń gba lẹ́tà tẹ́lẹ̀. Bí kò bá wọlé, ojú ìwé gan-an ló ní àrùn, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò lọ́wọ́ wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ NVDA+Shift+Space. Èyí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ó máa pa fífi lẹ́tà fò kiri, ṣùgbọ́n ipò ìkàwé á ṣì wà. Ọfà òkè àti ìsàlẹ̀ á máa ka ìbéèrè fún ọ bó ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀, A, B, C, D á sì kọjá lọ bá ojú ìwé. Ohun tí o fẹ́ gan-an nìyẹn.

Kóòdù-Agbówó

Ẹ káalẹ́ o. Mo máa ń kọ ìkànnì, mo sì rò pé ẹ ń yọ ara yín lẹ́nu. Ẹni tó kọ ojú ìwé yẹn ló yẹ kó ṣe é. Kó fi `role="application"` sórí `body`, ó parí. NVDA àti JAWS á mọ̀ pé ètò ìṣiṣẹ́ ni, wọn ò ní dá lẹ́tà kankan dúró mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Àbúrò mi, òótọ́ ni pé wọn ò ní dá lẹ́tà dúró. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló máa lè ka ìbéèrè? Tí o bá fi ìyẹn bo gbogbo ojú ìwé, o ti pa ipò ìkàwé. Ọfà ò ní máa ka ìlà kọ̀ọ̀kan mọ́. Ohun tí Tab bá dé nìkan ni a óò gbọ́. Ìbéèrè "Ka àyọkà yìí kí o sì dáhùn" tó ní ìpínrọ̀ mẹ́rin, ibo ni Tab ti fẹ́ dúró nínú ẹ̀? Èèyàn á gbọ́ A, B, C, D, kò ní mọ ohun tí wọ́n bi í. Mo ti bá irú ẹ̀ pàdé lójú ìwé ìforúkọsílẹ̀ kan, mo pè ọmọ àbúrò mi kó wá kà á fún mi. Ibi tó tọ́ sí ni apá kékeré kan, bíi pátákó eré ayò, tí kò sí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kà níbẹ̀.

Kóòdù-Agbówó

Haa. N ò ro ti àyọkà. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wo ohun tó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ. Ó dá mi lójú pé kò ní jìnnà sí èyí:

```
document.addEventListener("keydown", function (e) {
  if (e.key === "d") muIdahun("D");
});
```

Gbogbo ojú ìwé ló ń tẹ́tí sí. Kò béèrè ibi tí èèyàn wà. Bí àpótí ìkọ̀wé bá wà lójú ìwé yẹn, téèyàn sì kọ "Dàda" sínú ẹ̀, `d` kejì yẹn á mú ìdáhùn D, ojú ló ríran o, kò ríran o. Ṣé kí wọ́n wá fi Ctrl àti Alt kún un ni? Ctrl+Alt+D, Ctrl+Alt+N? Kò sí ẹni tó máa tẹ ìyẹn ní àṣìṣe.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ctrl+Alt+N ni ọ̀pọ̀ wa fi ń tan NVDA! Bí a bá fi NVDA sórí Windows, ọ̀nà àbùjá tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ nìyẹn. Ọmọ yìí á tẹ "ìbéèrè tó kàn", NVDA á kú, á tún jí, aago á sì máa lọ.

Olùkọ́ Àpáta

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo ríran ní tèmi, ṣùgbọ́n Ctrl+Alt yẹn kàn mí. Kíbọọ̀dù tí mo fi ń kọ Yorùbá, AltGr ni mo máa ń tẹ̀ kí n tó rí ẹ, ọ, ṣ tó ní àmì sábẹ́. Windows sì ń ka AltGr bíi Ctrl àti Alt lápapọ̀. Ìkànnì kan wà tí mo ti ń kọ iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, bí mo bá fẹ́ kọ "ọ" báyìí ni ó máa ń ṣí fáìlì fún mi. N ò mọ ìdí ẹ̀ títí di alẹ́ yìí. Ṣé nǹkan kan náà ni?

Kóòdù-Agbówó

Ó ṣeé ṣe gan-an, sà. Bí ojú ìwé bá ń retí Ctrl+Alt+O, AltGr+O á jọ ọ́ lójú ẹ̀. Mi ò lè búra láìrí kóòdù wọn.

Alt lásán ńkọ́? `accesskey` wà nínú HTML, tí a fi ń so lẹ́tà mọ́ bọ́tìnnì.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Lórí Chrome, Alt pẹ̀lú lẹ́tà ni. Lórí Firefox, Alt+Shift ni. Nítorí náà o ò lè kọ ìtọ́ni kan ṣoṣo sójú ìwé fún gbogbo èèyàn. Alt+D sì ti ń lọ síbi tí a ti ń kọ àdírẹ́sì. Gbogbo ibi tí o bá yíjú sí, ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀.

Àwọn tó ń ṣe ìlànà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú WCAG 2.1, ìlànà bí ìkànnì ṣe lè rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, tó jáde ní 2018, ẹ̀ka 2.1.4 dá lórí lẹ́tà kan ṣoṣo tí ojú ìwé ń lò báyìí. Kò ní kí wọ́n má lò ó. Ó ní kí ọ̀nà wà láti pa á, tàbí láti pààrọ̀ ẹ̀ sí àpapọ̀ tó ní irú Ctrl tàbí Alt nínú, tàbí kó máa ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí èèyàn bá wà lórí ohun tó ni lẹ́tà náà. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tó. Kì í tiẹ̀ ṣe tìtorí àwa nìkan. Ẹni tó ń fi ẹnu sọ̀rọ̀ sí kọ̀ǹpútà kó lè máa kọ̀wé, bí kọ̀ǹpútà bá ṣi ọ̀rọ̀ ẹ̀ gbọ́ bíi lẹ́tà, ojú ìwé á máa sáré kiri fúnra ẹ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú iṣẹ́ o, wọ́n mú iná lọ lálẹ́ àná ni n ò fi tètè padà.

NVDA+F2 lẹ́yìn náà D: ìdáhùn D wọlé. Nítorí náà ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ gẹ́lẹ́ ni. NVDA+Shift+Space: mo ka ìbéèrè pẹ̀lú ọfà, mo tẹ B, ó mú B. Mo pariwo, ìyá mi sáré wọlé.

Ṣùgbọ́n mo tẹ N, ìbéèrè kejì ṣí, mo tẹ C, NVDA tún ní kò sí. Ó ti padà sí bó ṣe wà. Mo tún NVDA+Shift+Space tẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kẹta, bákan náà. Ṣé ibì kan wà tí mo ti lè fi pa á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

A jẹ́ pé ìkànnì yín ń ṣí ojú ìwé tuntun fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. NVDA+Shift+Space ń ṣiṣẹ́ fún ìwé tí ó wà níwájú ẹ nìkan. Ìwé tuntun, ìbẹ̀rẹ̀ tuntun. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ìbéèrè nínú ìwé kan náà, ìbá dúró.

Fún ìsinsìnyí, ọ̀nà méjì ló wà. Máa tẹ̀ ẹ́ lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, tàbí kí o gbàgbé lẹ́tà wọn pátápátá: R dé orí ìdáhùn, R títí dé èyí tí o fẹ́, Space láti mú un, B títí dé bọ́tìnnì ìbéèrè tó kàn, Enter. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n NVDA ló wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà, S ò sì lè já bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ kó fi ìdánwò sílẹ̀.

Jọ́ọ̀sì-lèmi

Kí wọ́n kàn kọ́ ojú ìwé yẹn kó mọ̀ bí ẹni tó wá bá lo ẹ̀rọ akàwé, kó pa lẹ́tà fúnra ẹ̀.

Kóòdù-Agbówó

Kò ṣeé ṣe, ẹ̀gbọ́n. Kò sí ohun tí ojú ìwé lè fi mọ̀ bóyá NVDA ń ṣiṣẹ́. Òun kàn ń rí lẹ́tà tó bá kọjá ni. Àpótí kan tí èèyàn fúnra ẹ̀ máa mú ni mo rí sí i, bí kóòdù yìí:

```
if (!letaWaNiTitan) return;
if (e.ctrlKey || e.altKey || e.metaKey) return;
```

Kí wọ́n fi méjèèjì sí ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n sì tọ́jú ohun tí èèyàn mú, kó má di pé a tún ń mú un lórí gbogbo ìbéèrè. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá kó wà ní títàn tàbí ní pípa láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Pípa. Gmail ń pa tiẹ̀ títí èèyàn á fi tàn án.

Olùkọ́ Àpáta

Títàn ni tèmi. Torí lẹ́tà mẹ́jọ yẹn ni wọ́n ṣe ṣe ìkànnì náà. Ọmọ mẹ́tàdínlógójì ló wà ní kíláàsì mi, bí mo bá ní kí gbogbo wọn wá àpótí kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ìdajì wákàtí ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n Bódìjà

Ẹni tí D ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ bíi ẹ̀ẹ̀méje kò ní gbà fún yín, sà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá

Mo ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ yín fún ẹni tó ń bójú tó ìkànnì náà. Ó fi àpótí kan sí i lánàá, títàn ló fi sí, Olùkọ́ Àpáta ló jàre. Mo ṣí i láàárọ̀ yìí, mo tẹ X láti wá àpótí náà. NVDA kà á pé: `check box checked`. Kò sọ orúkọ ẹ̀. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà, ó ní òun kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gbàgàdà.

Kóòdù-Agbówó

Ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò so ó mọ́ ọn. Fi èyí ránṣẹ́ sí i:

```
<label><input type="checkbox" id="leta" checked> Fi lẹ́tà dáhùn</label>
```

Kí ọ̀rọ̀ àti àpótí jọ wà nínú `label` kan náà, NVDA á kà á.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ti jẹ́ kó yé mi pé kì í ṣe tíì. Ṣùgbọ́n tèmi, tíì ni.